Ìdí tí ara fi ń rántí ohun tí orí ti gbàgbé: àlàyé lórí hipokámpọ́ọ̀sì àti amígídálà

Ní ọdún 1911, dókítà kan ní ìlú Geneva, Édouard Claparède, kọ ìròyìn nípa obìnrin kan tó wà lábẹ́ ìtọ́jú. Obìnrin yìí kò lè fi ohun tuntun sórí mọ́. Bí dókítà bá bá a sọ̀rọ̀ tán, tó jáde, tó sì padà wọlé láìpẹ́, bí àlejò ló ṣe máa wò ó. Lọ́jọ́ kan, Claparède tọ́jú abẹ́rẹ́ sáàárín ìka rẹ̀ kó tó bọ obìnrin náà lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ gún un, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Kò pẹ́ tó fi gbàgbé pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà tún na ọwọ́ sí i, ó kọ̀. Wọ́n bi í pé kí ló dé, kò rí nǹkan kan pàtó sọ. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn, èsì rẹ̀ kò ju pé àwọn èèyàn a máa fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sọ́wọ́ nígbà mìíràn.

Kí ni obìnrin yìí rántí, kí ló sì gbàgbé? Bí a bá ní ká lo àlàyé tó wọ́pọ̀, pé ẹ̀yà ọpọlọ tó ń jẹ́ hipokámpọ́ọ̀sì ni àká ìrántí, pé èyí tó ń jẹ́ amígídálà sì ni ilé ẹ̀rù, a kò ní lè dáhùn. Àlàyé yẹn lè bá ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama mu, àmọ́ ìdajì òótọ́ ló wà nínú ẹ̀. Èèyàn kan náà kò lè gbàgbé kó sì tún rántí ohun kan ṣoṣo, àyàfi bó bá jẹ́ pé ìrántí pé méjì, tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ inú ọpọlọ sì yàtọ̀ síra. Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn Claparède kí ẹ̀rí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ tó jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n wà. Àwọn méjèèjì wà nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún, ní ẹ̀gbẹ́ orí, ní ọ̀gangan ibi tí etí wà. Hipokámpọ́ọ̀sì méjì la ní, amígídálà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Hipokámpọ́ọ̀sì gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 4 sí 5, ó sì tẹ̀ kọrọdọ. Amígídálà kéré sí i, kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ntímítà kan àti ààbọ̀ lọ. Iwájú orí hipokámpọ́ọ̀sì gan-an ló jókòó sí, débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Ìsúnmọ́ra yìí ló dá àwọn onímọ̀ láàmú fún ìgbà pípẹ́, torí pé àìsàn tàbí ọ̀bẹ tó bá kan ọ̀kan kì í sábà fi èkejì sílẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ kí ayé mọ ohun tí hipokámpọ́ọ̀sì ń ṣe ni ará Amẹ́ríkà kan, Henry Molaison, tí wárápá ti ń bá fínra láti kékeré. Lọ́dún 1953, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 27, oníṣẹ́ abẹ kan nílùú Hartford, William Scoville, gé apá inú lọ́hùn-ún nínú ọpọlọ rẹ̀ kúrò, lọ́tùn-ún àti lósì, kí wárápá náà lè rọlẹ̀. Ó rọlẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà títí tó fi kú lọ́dún 2008, nǹkan díẹ̀ báyìí ló lè fi sórí nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ó lè jẹun tán, kó máà mọ̀ pé òun ti jẹun. Brenda Milner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó ń wá wò ó láti Montreal, ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún un lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà tó bá dé, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí kò sọnù ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jù. Henry rántí ìgbà èwe rẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, làákàyè rẹ̀ pé, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn. Bí wọ́n bá fún un ní nọ́ńbà kan, tí kò sì dákẹ́ pípè é lábẹ́nu, nọ́ńbà náà á wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ mìíràn dá a dúró báyìí, ó tán nìyẹn, nọ́ńbà ti lọ, kò sì ní rántí pé wọ́n fún òun ní nọ́ńbà kankan. Milner tún ní kó máa fi bírò tẹ̀ lé ìlà àwòrán ìràwọ̀ kan, àmọ́ kó jẹ́ inú dígí ni yóò ti máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn le, torí pé dígí ń yí gbogbo nǹkan padà. Lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ Henry ti já fáfá nínú ẹ̀. Síbẹ̀, lójú rẹ̀, kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Nítorí náà, hipokámpọ́ọ̀sì kì í ṣe àká tí gbogbo ìrántí ń sùn sí. Bó bá jẹ́ àká ni, ìrántí ìgbà èwe Henry ìbá ti bá a lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so àwọn ẹ̀yà ìṣẹ̀lẹ̀ kan pọ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ìgbéyàwó kan tí ẹ lọ: ohun tí ojú rí wà ní apá kan lára èèpo òde ọpọlọ, ohùn ìlù wà ní apá mìíràn, òórùn ọbẹ̀ wà níbòmíràn. Hipokámpọ́ọ̀sì ló ń so wọ́n mọ́ra, tó fi jẹ́ pé bí ìlù náà bá tún dún létí yín lọ́jọ́ mìíràn, ibi tí ẹ jókòó sí àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín máa yọ sí yín lọ́kàn. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, èèpo òde ọpọlọ á máa dá ìsopọ̀ náà mú fúnra rẹ̀, pàápàá ohun tí a mọ̀ ní gbogbogbòò. Bóyá ìrántí tó kún fún kúlẹ̀kúlẹ̀ máa ń dá dúró pátápátá láìsí hipokámpọ́ọ̀sì, awuyewuye ṣì wà lórí ìyẹn láàárín àwọn onímọ̀.

Àmọ́ Henry kò lè yanjú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ Claparède fún wa. Ìdí ni pé nígbà tí Scoville ń gé hipokámpọ́ọ̀sì, amígídálà bá a lọ. Láti mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, a nílò ẹni tí ọ̀kan bà jẹ́ lára rẹ̀ tí èkejì sì wà láìfarapa, kí a sì tún rí ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rí ní ìdàkejì. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Iowa rí wọn. Lọ́dún 1995, Antoine Bechara, Antonio Damasio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìròyìn kan jáde nípa aláìsàn mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni obìnrin kan tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà méjì pè, S.M. Ó ní àrùn àjogúnbá kan tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, èyí tó sọ amígídálà rẹ̀ méjèèjì di líle bí òkúta, ṣùgbọ́n tí kò fọwọ́ kan hipokámpọ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹnì kejì ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ lílù dúró, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi dé ọpọlọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú hipokámpọ́ọ̀sì kò lè fara da àìsí atẹ́gùn, nítorí náà àwọn ni wọ́n kú. Amígídálà tirẹ̀ kò ní àbùkù. Ẹnì kẹta ni ẹni tí kòkòrò àrùn hápíìsì wọ inú ọpọlọ rẹ̀ tó sì ba méjèèjì jẹ́.

Ìdánwò tí wọ́n ṣe fún wọn kò nira láti lóye. Aláìsàn jókòó síwájú ibi tí wọ́n ti ń gbé àwòrán hàn. Àwọ̀ lásán ni àwọn àwòrán náà, wọ́n ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: pupa, búlúù, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. Ọ̀kan péré nínú wọn ló ní wàhálà. Bí ìyẹn bá yọ, fèrè ọkọ̀ ojú omi á han gooro lẹ́yìn rẹ̀, ariwo tó tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100, irú èyí tó ń mú èèyàn ta gìrì lórí àga. Wọ́n lẹ ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọwọ́ aláìsàn. Bí ẹ̀rù tàbí ìdàámú bá mú èèyàn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á làágùn díẹ̀, òógùn ọ̀hún lè kéré débi pé ojú kò ní rí i, ṣùgbọ́n iná mànàmáná tíntìn tó ń gba ojú awọ kọjá á rọrùn sí i, ẹ̀rọ náà á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é léraléra, ẹni tí ara rẹ̀ le á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àwọ̀ burúkú náà, kí fèrè tó dún. Ara ti kọ́ ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò le: àwọ̀ mélòó lẹ rí? Kí ni orúkọ wọn? Èwo ni fèrè máa ń tẹ̀ lé?

S.M. dáhùn gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ó mọ àwọ̀ tí fèrè ń tẹ̀ lé, ó sọ ọ́ láìṣìnà. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò làágùn rárá nígbà tí àwọ̀ náà bá yọ. Kì í sì í ṣe pé awọ rẹ̀ kò lè làágùn o, torí pé nígbà tí fèrè fúnra rẹ̀ bá dún, òun náà ń làágùn bíi ti gbogbo èèyàn. Ohun tó sọnù ni ìsopọ̀ láàárín ohun tó ń ṣe ìkìlọ̀ àti ohun tó ń ṣe ibi.

Ẹnì kejì, tí kò ní hipokámpọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́, yí i padà pátá. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń làágùn gẹ́gẹ́ bó ti yẹ ní gbogbo ìgbà tí àwọ̀ náà bá yọ. Ẹ bi í pé àwọ̀ wo ni fèrè ń tẹ̀ lé, kò mọ̀. Ẹnì kẹta kò rí ọ̀kankan ṣe nínú méjèèjì: kò mọ̀ ọ́n, ara rẹ̀ kò sì kọ́ ọ.

Lójú tèmi, kò sí ìròyìn mìíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣe kedere tó o. Ó yanjú ọ̀rọ̀ obìnrin Geneva: ó jọ pé ohun tó bà jẹ́ lára rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ amígídálà. Ara rẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ yìí léwu. Ẹni tó ń sọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kò sí nílé. Ó sì tún ṣàlàyé ohun kan tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu nípa ara wọn. Ẹni tí adigunjalè dá lọ́nà márosẹ̀ lè mọ̀ dájú pé ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn òun báyìí, ẹni tó fẹ́ lọ jẹ oúnjẹ rẹ̀ lásán ni, síbẹ̀ kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì. Ẹbí á ní, "Ṣebí o mọ̀ pé kò sí ewu?" Ó mọ̀. Ìmọ̀ yẹn gba ọ̀nà kan, lílù àyà gba ọ̀nà mìíràn, ẹni náà kò sì ń ṣe àṣejù.

Títí dé ibí, ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú ọpọlọ tó wà láìfarapa, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ohun tó ń dẹ́rù bani tàbí tó ń múnú ẹni dùn gan-an bá ṣẹlẹ̀, ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín á tú adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Adirẹnalíìnì náà kò lè wọ inú ọpọlọ fàlàlà, àmọ́ iṣan kan tó gba ọrùn kọjá ń gbé ìròyìn rẹ̀ lọ sókè, ọpọlọ á sì tú èròjà kan tó jọ ọ́, nọradirẹnalíìnì, sínú amígídálà. Amígídálà ló wá máa ń ti hipokámpọ́ọ̀sì lẹ́yìn, bí ọ̀gá tó dúró ti akọ̀wé tó ń sọ fún un pé, "Ìyẹn, kọ ọ́ kó hàn gbangba." Kò kọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ó kàn ń mú kí ohun tí akọ̀wé ń kọ túbọ̀ wọ ìwé ni.

Báwo la ṣe mọ̀? Lọ́dún 1994, Larry Cahill àti James McGaugh, ní Yunifásítì California ní Irvine, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, fún àwọn èèyàn kan ní propiranolọ́ọ̀lù, oògùn tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń dí ojú ibi tí adirẹnalíìnì àti nọradirẹnalíìnì máa ń dì mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì. Àwọn mìíràn gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n fi àwòrán hàn wọ́n, pẹ̀lú ìtàn ọmọkùnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọsíbítù tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Fún àwọn kan, ìrìn àjò náà kò ní wàhálà kankan. Fún àwọn mìíràn, ọkọ̀ kọlu ọmọ náà lójú ọ̀nà, wọ́n sáré gbé e lọ sọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n pè wọ́n padà, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rántí. Àwọn tí kò lo propiranolọ́ọ̀lù rántí apá ibi tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ ju ìyókù lọ, bí a ti lè retí. Àwọn tó lò ó rántí apá tí kò ní wàhálà bíi ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n apá jàǹbá kò ta yọ mọ́ fún wọn. Oògùn náà kò pa ìrántí. Ohun tó mú kúrò ni àfikún tí ìmọ̀lára ń ṣe sí i.

Àfikún yìí ní àbùkù tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣi ara wọn lọ́nà. Ohun tí amígídálà ń tì lẹ́yìn ni ohun tó gba ọkàn wa lójú ẹsẹ̀ náà. Ẹni tí wọ́n na ìbọn sí lè ṣàpèjúwe ẹnu ìbọn yẹn láìṣẹ́kù, kó máà lè sọ bí ojú ẹni tó dì í mú ṣe rí tàbí àwọ̀ aṣọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí i léraléra nínú ìdánwò pé ohun ìjà máa ń fa ojú kúrò lára ẹni tó dì í mú. Nítorí náà, bí ẹlẹ́rìí kan bá sọ ní kóòtù pé ẹ̀rù tó ba òun lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí òun lè gbàgbé ojú ọ̀daràn náà láéláé, kò túmọ̀ sí pé irọ́ ló ń pa, ṣùgbọ́n kò yẹ kí adájọ́ fi bí ẹ̀rù náà ṣe pọ̀ tó díwọ̀n òótọ́ ẹ̀rí rẹ̀.

Èyí tó tún le ju ìyẹn ni ìdánilójú. Ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n kọlu Amẹ́ríkà ní September 11, 2001, Jennifer Talarico àti David Rubin ní Yunifásítì Duke ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 54 kọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ìròyìn náà sílẹ̀: ibi tí wọ́n wà, ẹni tó sọ fún wọn, ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n tún ní kí wọ́n kọ ohun kan tí kò jọ mọ́ ọn, nǹkan ojoojúmọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú. Wọ́n wá bi àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1, àwọn kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, àwọn ìyókù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 32. Bí àkókò ti ń lọ, àṣìṣe ń wọ ìrántí ìkọlù náà, ìwọ̀n àṣìṣe ọ̀hún kò sì dín sí ti nǹkan ojoojúmọ́. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé wọn nínú ìrántí ojoojúmọ́ ń dínkù, ṣùgbọ́n ti ìkọlù kò dínkù. Ó ṣì hàn kedere lójú wọn bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń ṣe àṣìṣe kò mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Bí ẹ bá ti rí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n ń jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá wọn kú, tí kálukú sì fẹ́ búra, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ ohun tí wọ́n rí kedere nínú orí wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ pé amígídálà ni ilé ẹ̀rù. Ohun tí wọ́n rí lára S.M. wà lára ohun tó fún ọ̀rọ̀ náà lágbára, òun náà ló sì jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ tó dẹ́rù bà á. Àwọn onímọ̀ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ejò, ó gbé ejò dání, ó ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Wọ́n mú un lọ sí ilé tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àlejò, òun ló ń ṣíwájú, tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá di 2013, Justin Feinstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn ìdánwò mìíràn jáde. Wọ́n ní kí S.M. àti àwọn méjì mìíràn tí amígídálà wọn ti bà jẹ́ fa atẹ́gùn kan símú lẹ́ẹ̀kan, tí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, èyí tí ara máa ń tú jáde nígbà tí a bá mí sóde. Kò léwu, ṣùgbọ́n ara á rò pé òun ń kú lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kó sínú ìpayà ńlá. S.M. ń jà láti já ìbòmú náà kúrò lójú.

Ó hàn nígbà náà pé ẹ̀rù lè bẹ̀rẹ̀ láìsí amígídálà, bí ewu náà bá ti inú ara fúnra rẹ̀ wá. Ohun tí amígídálà ń ṣe ni láti gba ìròyìn ayé ìta, ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́, kó sì so ó mọ́ ohun tó ti pa wá lára rí. Nígbà tí àwọn aláìsàn náà mọ̀ pé wọ́n tún máa fa atẹ́gùn náà, ẹ̀rọ tó ń wọn òógùn ọwọ́ wọn kò rí nǹkan púpọ̀ kọ. Àwọn tí ara wọn le, tí ìpayà ti bá lẹ́ẹ̀kan, ti ń làágùn kí ìbòmú tó kan ojú wọn.